Ìran kan ṣoṣo, oòrùn ọ̀sán gangan, àwọ̀ mẹ́ta: báwo ni mo ṣe lè sọ wọ́n di ọ̀kan?

Àdùkẹ́ Ẹ́dítọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Mo ń ṣe àtúntò fíìmù kúkúrú kan tí a yà ní àgbàlá ilé kan ní Abẹ́òkúta ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin. Ìran tí ó ń yọ mí lẹ́nu kò ju ìṣẹ́jú 4 lọ: ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ obìnrin ń jiyàn nídìí okùn tí wọ́n sá àdìrẹ sí. Aago 11:30 ni a bẹ̀rẹ̀ sí yà á, a kò sì kúrò níbẹ̀ títí di aago 3:15, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kí olùwòran gbà pé ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀, ó sì parí, láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan.

Kámẹ́rà kan ṣoṣo ni a lò, Sony ni, S-Log3 sì ni a fi gbà á ní ISO 800, pẹ̀lú jígí dúdú tí ó ń dín ìmọ́lẹ̀ kù lójú léńsì. Ṣọ́ọ̀tì 42 ni ó wà nínú ìran náà. Nígbà tí mo fi LUT kan náà, ìyẹn fáìlì tí ń yí àwọ̀ padà, sórí gbogbo wọn nínú DaVinci Resolve, ńṣe ni wọ́n pín sí ìdílé mẹ́ta. Àwọn tí a yà lójú oòrùn le koko, ògiri funfun wọn sì ń dá ojú. Àwọn tí a yà lábẹ́ igi máńgòrò ní àwọ̀ ewé àti àwọ̀ aró lára, débi pé ojú ìyá náà dà bí ojú aláìsàn. Àwọn tí kurukuru bo oòrùn nígbà tí a ń yà wọ́n rí bí eérú. Mo ti fi ọjọ́ 3 ń yí nǹkan sókè sódò lórí ṣọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan, bí mo bá sì tún èyí ṣe tán, èyí tí ó tẹ̀ lé e yóò tún di àjèjì sí i. Ibo ni ó yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ọ̀gá Léńsì

Àdùkẹ́, ọ̀rọ̀ náà kò le tó bẹ́ẹ̀. Oòrùn ọ̀sán ló mú kí ibi tí ó mọ́lẹ̀ mọ́lẹ̀ jù, tí ibi tí ó ṣókùnkùn sì ṣókùnkùn jù. Nítorí náà, fa Highlights wálẹ̀ dé nǹkan bí -40, gbé Shadows sókè dé 40, kí o sì ṣe ohun kan náà fún gbogbo ṣọ́ọ̀tì 42 náà. Lẹ́yìn èyí, rí i pé ojú àwọn òṣèré wà ní 70 nínú ọgọ́rùn-ún lórí Waveform tí ń fi ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ hàn, nítorí ibẹ̀ ni ojú ènìyàn gbọ́dọ̀ wà. Bí ó bá ṣẹ́kù díẹ̀, wá LUT mìíràn tí ó dára ju èyí tí o ń lò lọ. Èmi fúnra mi máa ń gbé gbogbo rẹ̀ sí ìpele Timeline kí n má baà máa ṣe é ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Ṣèyí Ayẹyẹ

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi tèmi kún un, nítorí irú rẹ̀ gan-an ló ṣẹlẹ̀ sí mi níbi ìgbéyàwó kan ní Òṣogbo. Fóònù ni mo fi gba apá kan ìjókòó àwọn àna, bí mo sì ṣe ń rìn láti abẹ́ tẹ́ǹtì bọ́ sójú oòrùn, fóònù náà ń fúnra rẹ̀ yí àwọ̀ padà láàárín ṣọ́ọ̀tì kan ṣoṣo. Ohun tí mo rí kọ́ ni pé kí ènìyàn ti White Balance pa sójú kan ṣáájú kí ó tó bẹ̀rẹ̀, kí ó sì yẹra fún yíyà láàárín aago 12 sí aago 2. Àdùkẹ́, bí ẹ bá ti lè yà á ní aago 4 ìrọ̀lẹ́, kò ní sí wàhálà kankan.

Ohun tí ó tún yà mí lẹ́nu ni pé nígbà tí mo gbìyànjú láti mú ojú ọ̀run ṣókùnkùn sí i, ńṣe ni ó pín sí ìlà-ìlà bí ẹní. Ta ló mọ ohun tí ó fà á?

Bàbá Nóòdù

Ṣèyí, ìbéèrè Àdùkẹ́ kì í ṣe nípa bí a ó ṣe yà á. Wọ́n ti yà á tán, àwọn òṣèré sì ti lọ sílé. Ṣùgbọ́n kí n dá ọ lóhùn lórí ojú ọ̀run rẹ: ó ṣeé ṣe kí fóònù rẹ gba fídíò oní-bíìtì 8, èyí tí ó ní ìpele 256 péré fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí o bá na ìwọ̀nba ìpele tí ó wà ní ojú ọ̀run gbẹẹrẹ, àlàfo yóò yọ láàárín wọn, ìyẹn ni àwọn ìlà tí o rí. Fi ojú ọ̀run náà sílẹ̀ bí ó ṣe wà.

Ní báyìí, Àdùkẹ́, o kú iṣẹ́. Ohun tí ó ń dá ọ dúró ni pé ò ń mú ṣọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan bá èyí tí ó ṣáájú rẹ̀ mu, nígbà tí kò sí èyí tí o fi ṣe ìwọ̀n. Yan ṣọ́ọ̀tì kan, kí gbogbo àwọn yòókù sì máa wá bá a. Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò yan èyí tí ó rẹwà jù lọ, ìyẹn àwọn tí kurukuru bò, nítorí wọ́n rọ̀ lójú. Àṣìṣe nìyẹn. Èyí tí ó le jù lọ ni kí o yàn. A lè fi kún ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn nínú ṣọ́ọ̀tì kurukuru títí yóò fi sún mọ́ ti oòrùn, ṣùgbọ́n kò sí bí a ṣe lè sọ ṣọ́ọ̀tì oòrùn di ti kurukuru: òjìji tí etí rẹ̀ mú bí abẹ yóò wà nílẹ̀ síbẹ̀, òkùnkùn abẹ́ imú yóò wà níbẹ̀, gèlè tí ìmọ́lẹ̀ ti jẹ kò sì ní tún hàn mọ́. Ohun tí kò lè yí padà ni yóò jẹ́ òpó, ohun tí ó lè yí padà ni yóò máa yí i ká.

Èkejì, má ṣe fi LUT bẹ̀rẹ̀. LUT kan náà lórí ìmọ́lẹ̀ mẹ́ta yóò fún ọ ní àwọ̀ mẹ́ta, ohun tí ó sì ṣẹlẹ̀ sí ọ nìyẹn. Pín ṣọ́ọ̀tì 42 náà sí Group mẹ́ta gẹ́gẹ́ bí ìmọ́lẹ̀ wọn: oòrùn, ibòji, kurukuru. Nínú Group Pre-Clip ti ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìpele tí ń ṣiṣẹ́ ṣáájú ti ṣọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan, fi nóòdù Color Space Transform sí ìbẹ̀rẹ̀, kí o sì tò ó báyìí:

```
Input Color Space:  Sony S-Gamut3.Cine
Input Gamma:        Sony S-Log3
Output Color Space: DaVinci Wide Gamut
Output Gamma:       DaVinci Intermediate
```

Bi ẹni tí ó di kámẹ́rà mú léèrè bóyá S-Gamut3.Cine ni ó yàn tàbí S-Gamut3 lásán, nítorí bí o bá ṣì í yàn, àwọ̀ ara àwọn òṣèré yóò yà kúrò ní ti gidi láti ìbẹ̀rẹ̀, ìwọ yóò sì máa wá ohun tí o kò sọ nù. Ní Group Post-Clip, tí ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ti ṣọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan, fi Color Space Transform mìíràn tí yóò gbé àwòrán lọ sí Rec.709 àti Gamma 2.4. Àwọ̀ tí o fẹ́ kí fíìmù náà ní yóò wà níwájú èyí, nínú Post-Clip kan náà, ṣùgbọ́n má tíì fọwọ́ kàn án.

Láàárín méjèèjì ni iṣẹ́ wà. Kọ́kọ́ mú àwọ̀ kúrò lójú ara rẹ. Ṣí RGB Mixer ní ìpele Timeline, kí o fi àmì sí Monochrome, kí gbogbo ìran náà di dúdú àti funfun fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí kò sí àwọ̀ tí yóò tàn ọ́ jẹ, o ó rí i kedere pé ìmọ́lẹ̀ ni ìjà náà wà, kì í ṣe àwọ̀. Pa ṣọ́ọ̀tì tí o fi ṣe ìwọ̀n mọ́ sínú Gallery, fi í sí ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan, kí o sì fi òbìrí Offset gbé èyí tí ò ń ṣe sókè tàbí sódò títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá náà yóò fi dọ́gba nínú méjèèjì. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni mo wí, kì í ṣe iwájú orí, nítorí òógùn àti oòrùn máa ń jẹ́ kí iwájú orí aláwọ̀ dúdú dán bíi jígí, dídán yẹn kì í sì í ṣe àwọ̀ ara rẹ̀. Mo yan Offset nítorí pé lórí àwòrán tí ó ṣì wà ní lọ́ọ̀gì, bí ó ṣe ń gbé ìmọ́lẹ̀ sókè dà bí ìgbà tí a bá ṣí ojú léńsì sí i: gbogbo rẹ̀ jọ lọ, ohunkóhun kò yà.

Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá ti dọ́gba, fi Contrast kún àwọn ṣọ́ọ̀tì kurukuru, ṣùgbọ́n kọ́kọ́ gbé Pivot sí ibi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà wà, kí ojú má baà sún kúrò ní ibi tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e sí. Lẹ́yìn èyí ni kí o tó dá àwọ̀ padà.

Ọ̀gá Léńsì, ẹ má bínú, n kò gbà pé ojú gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ wà ní 70. Ìwọ̀n yẹn bá awọ ara tí ó funfun mu. Bí ẹ bá gbé ìyá Àdùkẹ́ dé 70, eérú ni yóò dà.

Ọ̀gá Léńsì

Bàbá, mo gbọ́ ti 70, mo sì gbà. Ṣùgbọ́n fífa Highlights wálẹ̀ ń ṣiṣẹ́, mo ti lò ó lọ́pọ̀ ìgbà lórí ògiri funfun, ara ògiri náà sì máa ń padà wá.

Bàbá Nóòdù

Ó ń padà wá nígbà tí ó bá ṣì wà níbẹ̀. Ẹ wo Waveform ṣọ́ọ̀tì náà kí nóòdù kankan tó kàn án: bí òkè rẹ̀ bá rí gbúngungùngun, ohun kan wà nínú rẹ̀ tí ẹ lè fà wálẹ̀. Bí ó bá tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹni pé wọ́n fi rúlà fa ìlà sí i, kámẹ́rà kò gba ohunkóhun níbẹ̀, fífà á wálẹ̀ yóò kàn sọ funfun di eérú ni. Ẹ̀yin ṣe é, ó ṣiṣẹ́, nítorí pé ẹni tí ó ya tiyín ṣọ́ra.

Àdùkẹ́ Ẹ́dítọ̀

Bàbá, ẹ ṣeun púpọ̀, sà. Mo ti ṣe é, mo sì fẹ́ sọ bí ó ṣe lọ.

Ṣọ́ọ̀tì 9 ni mo fi ṣe ìwọ̀n: ìyá dúró lójú oòrùn pẹ̀lú gèlè funfun, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí okùn aṣọ. Nígbà tí mo sọ gbogbo rẹ̀ di dúdú àti funfun, ẹnu yà mí. Lórí Waveform tí ó lọ láti 0 dé 1023, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá wà ní nǹkan bí 400 nínú ṣọ́ọ̀tì 9, ó wà ní 290 nínú àwọn kurukuru, ó sì jẹ́ 240 lábẹ́ máńgòrò. Mo ti fi ọjọ́ 3 ń bá àwọ̀ jà nígbà tí ojú obìnrin kan náà ń ṣókùnkùn, tí ó ń mọ́lẹ̀, láti ṣọ́ọ̀tì dé ṣọ́ọ̀tì. Mo gbé àwọn kurukuru dé 390, mo sì fi Contrast kún wọn. Àwọn ti abẹ́ máńgòrò, mo dá wọn dúró ní 340, nítorí nígbà tí mo gbé wọn dé 400, ibòji náà kò jọ ibòji mọ́, ariwo kéékèèké sì bẹ̀rẹ̀ sí í hàn nínú irun ọmọ náà.

Mo tún tẹ̀ lé ìmọ̀ràn Ọ̀gá Léńsì díẹ̀, mo gbé Color Space Transform ti ìgbẹ̀yìn sí ìpele Timeline kí n má baà tò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kíá ni àkọlé fíìmù náà, tí mo kùn ní àwọ̀ aró, yí padà di àwọ̀ mìíràn tí ó ń dá ojú. Mo ti dá a padà sí Post-Clip.

Ìṣòro méjì ṣẹ́kù. Àkọ́kọ́, nígbà tí mo dá àwọ̀ padà, abẹ́ àgbọ̀n ìyá nínú àwọn ṣọ́ọ̀tì oòrùn pupa rúsúrúsú, ilẹ̀ àgbàlá náà sì ń pariwo ju ti àwọn ṣọ́ọ̀tì yòókù lọ. Mo lo Hue Vs Sat láti dín pupa ilẹ̀ kù, ojú àwọn òṣèré méjèèjì sì kú pẹ̀lú rẹ̀. Èkejì, ibòji máńgòrò ṣì ní àwọ̀ ewé.

Bàbá Nóòdù

O káre. Dídá tí o dá ibòji dúró ní 340 dára ju ohun tí mo wí lọ.

Ilẹ̀ amọ̀ pupa Abẹ́òkúta yẹn ló ń tan ìmọ́lẹ̀ sókè sí abẹ́ àgbọ̀n, bí ìgbà tí ènìyàn bá tẹ́ aṣọ pupa sílẹ̀ lójú oòrùn. Ìdí tí Hue Vs Sat fi pa ojú wọn ni pé amọ̀ pupa àti awọ ara wa fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó sí ojú kan náà lórí òbìrí àwọ̀. Ẹ̀rọ náà kò mọ èyí tí í ṣe ilẹ̀ àti èyí tí í ṣe ènìyàn. Ṣí Vectorscope, o ó rí i pé àwọn méjèèjì na ọwọ́ sí ìhà kan náà, àfi pé ti ilẹ̀ gùn jù. Nítorí náà, àyè ni kí o fi yà wọ́n sọ́tọ̀, kì í ṣe àwọ̀. Fa Power Window gbọọrọ sórí ilẹ̀ nìkan, jẹ́ kí etí rẹ̀ rọ̀ dáadáa, kí o sì dín Saturation inú rẹ̀ kù láti 50 sí nǹkan bí 38. Bí ẹsẹ̀ wọn bá wọ inú fèrèsé náà, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀. Ti abẹ́ àgbọ̀n, fi í sílẹ̀. Ẹni tí ó dúró lórí amọ̀ pupa ní ọ̀sán gangan, bẹ́ẹ̀ ni abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ ṣe ń rí.

Ní ti máńgòrò, ǹjẹ́ ohun funfun kan wà nínú ìran náà tí ó hàn lójú oòrùn àti lábẹ́ igi?

Àdùkẹ́ Ẹ́dítọ̀

Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Abọ́ tánńganran funfun kan wà tí ọmọ náà gbé láti ìdí okùn lọ sábẹ́ igi.

Bàbá Nóòdù

Abọ́ yẹn ni ẹlẹ́rìí rẹ. Wo ó lórí Parade, tí ń fi pupa, ewé àti aró hàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: lójú oòrùn, àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Lábẹ́ igi, ti ewé àti ti aró yóò ga ju ti pupa lọ, nítorí pé ojú ọ̀run àti ewé ló ń tan ìmọ́lẹ̀ síbẹ̀, kì í ṣe oòrùn fúnra rẹ̀. Nínú Pre-Clip ti Group ibòji, gbé Tint kúrò ní ìhà ewé títí ewé yóò fi dọ́gba pátápátá, lẹ́yìn náà gbé Temp sí ìhà oòrùn, ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀nà péré ni kí o lọ. Ojú olùwòran ń retí kí ibòji tutù díẹ̀. Bí o bá yọ gbogbo rẹ̀, yóò dà bí ìgbà tí wọ́n tan iná sábẹ́ igi. Má sì fi àdìrẹ tí ó wà lórí okùn ṣe ìwọ̀n o, aró rẹ̀ yóò ṣì ọ́ lọ́nà. Ṣùgbọ́n bí o bá parí, òun ni kí o fi yẹ ara rẹ wò, nítorí aṣọ kan náà ni olùwòran yóò máa rí láti ṣọ́ọ̀tì dé ṣọ́ọ̀tì.

Ayàwòrán Ẹ̀gbá

Ẹ jọ̀wọ́, ohun kan wà tí àwọ̀ kò lè tún ṣe tí kò sí ẹni tí ó mẹ́nu kàn. Èmi ni mo máa ń di kámẹ́rà mú ní àgbègbè yẹn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin, oòrùn máa ń kọjá ní òkè orí ní Abẹ́òkúta, kì í sì í ṣe aago 12 gan-an ni ó ń débẹ̀, ó máa ń kù díẹ̀ kí aago 1 lù. Ní àkókò yẹn, òjìji ènìyàn wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ bí àwo. Ní aago 3:15, ó ti nà sí ìhà ìlà oòrùn. Bí Àdùkẹ́ bá to ṣọ́ọ̀tì gbígbòòrò ti aago 1 mọ́ ti aago 3, ojú yóò mọ̀, kódà bí àwọ̀ bá dọ́gba bí omi inú àwo. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ṣọ́ọ̀tì kurukuru tí ilẹ̀ hàn nínú wọn: kò sí òjìji rárá, Contrast kò sì lè yà á.

Mo tún fẹ́ sọ pé èmi yóò fi fèrèsé kékeré gbé òkùnkùn ibi ojú ìyá náà sókè nínú àwọn ṣọ́ọ̀tì oòrùn. Oòrùn òkè orí máa ń gbẹ́ ihò sí ojú ènìyàn bí agbárí.

Bàbá Nóòdù

Òótọ́ ni ti òjìji, mo fojú fò ó. Ti fèrèsé ojú ni n kò gbà. Bí ìyá náà bá mirí, tí fèrèsé náà sì pẹ́ kí ó tó tẹ̀ lé e, ìmọ́lẹ̀ kan yóò máa rìn lójú rẹ̀ bí kòkòrò. Ìran ìjà ni, ẹ jẹ́ kí oòrùn bá wọn jà.

Ayàwòrán Ẹ̀gbá

Tracker dé báyìí, Bàbá, fèrèsé kì í fi ojú sílẹ̀ bíi ti àtijọ́. Ìdá díẹ̀ ni mo ní kí ó gbé sókè, kì í ṣe kí ó fi iná sí i.

Àdùkẹ́ Ẹ́dítọ̀

Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ ṣeun. Mo gbìyànjú fèrèsé ojú lórí ṣọ́ọ̀tì 9 àti 14. Lórí 9, tí ìyá dúró sójú kan, ó dára. Lórí 14, tí ó yíjú padà lójijì, mo rí kòkòrò tí Bàbá wí, mo sì yọ ọ́.

Mo tún ìtòlẹ́sẹẹsẹ ṣe pẹ̀lú. Àwọn ṣọ́ọ̀tì kurukuru 11 ni mo ní. Mo fi èyí tí ó sún mọ́ ojú nìkan sílẹ̀, ìyẹn 8, mo sì yọ àwọn 3 tí ilẹ̀ hàn nínú wọn. Àwọn ṣọ́ọ̀tì gbígbòòrò aago 3 ni mo kó sí ìparí ìran, lẹ́yìn tí ọmọ náà bá ti wọlé tí ó sì tún jáde, kí òjìji tó gùn lè ní ìdí. Lẹ́yìn náà ni mo ṣí Lightbox, tí gbogbo ṣọ́ọ̀tì 39 tó kù tò sójú kan ní kékeré, àwọn méjì péré ni ó ta yọ. Ọ̀kan jẹ́ àṣìṣe mi, mo gbàgbé láti fi í sínú Group ibòji. Nígbà yẹn ni mo tó fi àwọ̀ fíìmù sí Post-Clip, mo sì ṣe àdàkọ rẹ̀ sí Group mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Èkejì ni ṣọ́ọ̀tì 31. Ìyá rìn láti abẹ́ igi jáde sójú oòrùn láìgé, gèlè rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ lórí Waveform bí ó ṣe jáde. Bí mo bá fi í sí Group ibòji, ìparí rẹ̀ gbóná jù. Bí mo bá fi í sí ti oòrùn, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ di ewé. Mo ti lo keyframe láti yí i padà bí ó ṣe ń rìn, ṣùgbọ́n mo ń rí ibi tí ó ti yí.

Bàbá Nóòdù

Jẹ́ kí ìyípadà náà bẹ̀rẹ̀ ní ìgbà tí òjìji ewé bá kọjá lójú rẹ̀, kì í ṣe ní ìgbà tí ó bá jáde tán, kí ó sì tó nǹkan bí férémù 20. Ti gèlè, jẹ́ kó funfun.

Ayàwòrán Ẹ̀gbá

Èmi yóò gé e níbi tí ó ti dé etí ibòji, kí n sì fò sí ṣọ́ọ̀tì 9.

Àdùkẹ́ Ẹ́dítọ̀

Olùdarí fíìmù kò fẹ́ kí n gé e, sà. Ìrìn yẹn ni ó fẹ́ràn jù lọ nínú gbogbo ìran náà. Mo máa gbìyànjú férémù 20 náà ní alẹ́ yìí, tí iná bá wà.